Má dọ̀bálẹ̀ fáwọn àna ẹ ní Jàpáànù o

Ìjẹ̀bú-Òde,
Sátidé, lálẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Dúbílìnì ńkọ́? Àwa wà níbí o, òjò ò jẹ́ ká rímú mí láti àná, iná náà ò sì sí, iná tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń tẹ eléyìí. Mo gbọ́ vóìsì nóòtì ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rín pa mí, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, àyà mi já. O ní tó o bá délé àwọn òbí ọmọge yẹn ní Jàpáànù, ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ lo ti máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n kọ́ ẹ nílé. Jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má dán an wò.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí torí ojú tì mí, àmọ́ èmi náà ti ṣe é. Ìgbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ ní Nàgóyà, ìdílé kan ní kí n wá lo wíkẹ́ẹ̀ǹdì lọ́dọ̀ àwọn. Bàbá àgbà ilé yẹn ló ṣílẹ̀kùn, orí ẹ̀ funfun báláú, kí lo wá fẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe? Mo na gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì níbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà, pẹ̀lú súùtì tí mo yá. Bàbá figbe ta, ó ń pe ìyàwó ẹ̀, ìyá sáré jáde, làwọn méjèèjì bá kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n dìde, bàbá tiẹ̀ ń yọjú wo ìta bóyá mo ti fi mọ́tò gbá nǹkan wọn. Alẹ́ ni ọmọ wọn tó wá ṣàlàyé fún mi.

Wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní dogẹsa. Èèyàn á kúnlẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, á wá fi iwájú orí kanlẹ̀. Láyé àtijọ́ àwọn mẹ̀kúnnù ń ṣe é fáwọn ìjòyè ńlá, àmọ́ lóde òní, ẹni tó bá dáràn tó ń tọrọ àforíjì ló ń ṣe é, tàbí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó mọ̀ pé òun ò lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ó burú débi pé lọ́dún 2013, ọlọ́pàá mú obìnrin kan ní Sàpórò torí pé ó fipá mú àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan láti ṣe é fún òun. Ṣó o rí i? Lọ́dọ̀ wa, ìdọ̀bálẹ̀ ń sọ pé ẹ̀yin ni àgbà. Lọ́dọ̀ wọn, ó ń sọ pé mo jẹ̀bi, ẹ fojú àánú wò mí. Tí bàbá yẹn bá wà ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kó rí bí àwọn régbérégbé ṣe ń wólẹ̀ kí Awùjalẹ̀, á ní gbogbo ìlú ló jẹ gbèsè.

Ìtẹríba lásán ni tiwọn, àmọ́ ó ní ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ojúlùmọ̀ tí wọ́n bá pàdé lọ́nà ò ju dìgírì 15 lọ, ti àlejò àti ọ̀gá tó 30, ti ọ̀wọ̀ ńlá àti ẹ̀bẹ̀ tó 45. Ti 30 yẹn ni kó o ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ìbàdí ló ti ń tẹ̀ o, kì í ṣe ọrùn. Jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ gún, kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ilẹ̀ ni kó o máa wò, dúró díẹ̀ síbẹ̀, kó o wá rọra dìde. Má pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, àwọn ará Táílàǹdì àti Íńdíà ló ń ṣe ìyẹn. Má sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ kó o tún máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obama ṣe é fún Ọba Akihito ní Tókíò ní Nófẹ́ńbà 2009, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó tún di ọba lọ́wọ́ mú, ẹnu kun ún gan-an nílé. Tí bàbá bá na ọwọ́ sí ẹ, gbà á, àmọ́ kọ́kọ́ parí ọ̀kan. Màmá wọn, má dì mọ́ wọn rárá, mo mọ̀ ẹ́.

Kó o tó tẹ bẹ́ẹ̀lì, bọ́ kóòtù òtútù ẹ. Tó o bá wọlé, wàá bọ́ bàtà ní ìsàlẹ̀, wàá gun ilẹ̀ ilé tó ga díẹ̀, wàá wá fẹ̀gbẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ láti yí bàtà yẹn kí orí ẹ̀ kọjú síta, ṣùgbọ́n má kọ̀yìn sí wọn tó o bá ń ṣe é. Ibẹ̀ ni wàá ti sọ pé "ojama ṣimasu", ìyẹn ni pé ẹ má bínú, mo ń dí yín lọ́wọ́. Gbé ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní ihò dání sha.

Ibi tó le nìyí. Tó bá jẹ́ yàrá onítatami ni wọ́n mú ẹ lọ, ìyẹn ẹní tí wọ́n fi koríko hun, wọ́n máa ti tẹ́ ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ fún ẹ. Má jókòó lé e, má sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kó o kúnlẹ̀ sí, kó o wá fi ọwọ́ méjèèjì kan ẹní níwájú ẹ, kó o tẹ̀ síwájú. Èyí ò burú níbí, torí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nínú yàrá yẹn náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló wá yàtọ̀ sí dogẹsa. Ibi tó o ti ṣe é ni, àti orí. Níta tàbí lórí ilẹ̀ bàtà, tí iwájú orí kanlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Lórí ẹní, tí orí ò kanlẹ̀, ìkíni ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá tó yọ ẹ̀bùn kúrò nínú bàágì, kó o fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn (èyí mọ́ wa lára, àbí ta ló ń fọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan). Má jẹ́ kí ẹ̀bùn yẹn jẹ́ mẹ́rin o, bí wọ́n ṣe ń pe mẹ́rin jọ bí wọ́n ṣe ń pe ikú. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó o jókòó lo máa wá bọ́ sórí ìrọ̀rí.

Àti pé, má pè wọ́n ní Dádì. Mo mọ̀ pé ẹnu ẹ á máa yún ẹ. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tó o kọ́kọ́ rí bàbá ọmọge lo ti ń pè é ní Dádì, tó o bá pe orúkọ ẹ̀ o ti ba nǹkan jẹ́. Níbẹ̀ yẹn, orúkọ ìdílé wọn ni kó o pè kó o sì fi "san" sí i lẹ́yìn. Tó o bá pe bàbá tí kò tíì gbà fún ẹ ní bàbá ẹ, bí ẹni tó ti gbé ọmọ wọn lọ ni. Dúró kí àwọn fúnra wọn sọ pé kó o máa pe àwọn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí o ò ní nílò ẹ̀kọ́ kankan. Nílùú yẹn, tí èèyàn bá ṣe ẹ́ lálejò lónìí, o dúpẹ́ lónìí, tó o bá tún padà rí i, o gbọ́dọ̀ tún dúpẹ́ tọjọ́ yẹn kó o tó sọ nǹkan míì. "Ẹ ṣé àná" tiwa gan-an ni! Àwọn òyìnbó tá a jọ lọ kì í rántí, èmi ni bàbá àgbà yẹn ń yìn. Torí náà tílẹ̀ bá mọ́, pè wọ́n, kó o kí wọn kú àná.

Màmá ẹ ní kí n kí ẹ, wọ́n ti ń bi mí pé ṣé ìyàwó ẹ á lè jẹ ìkọ́kọrẹ́. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Fi fọ́tò ránṣẹ́ tó o bá débẹ̀, èyí tí o ò ti dọ̀bálẹ̀.

Èmi ni tìẹ,
Ọ̀rẹ́ ẹ ní Ìjẹ̀bú