Kọfí rẹ tó dàrú

Àgbádárìgì

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Tómi àti àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà lálàáfíà. Òjò ló kàn ń dí wa lọ́wọ́, ọ̀nà Ṣẹmẹ sì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ. O ní o da atalẹ̀, kànáfùrù àti sínámọ́nì, gbogbo rẹ̀ ní lílọ̀, mọ́ kọfí nínú asẹ́ ẹ̀rọ rẹ. Omi kò wá kán dáadáa mọ́, èyí tó sì kán korò, ó tún dàrú. Má bínú sí ẹ̀rọ náà. Sínámọ́nì lílọ̀ ló dí asẹ́. Tí omi gbígbóná bá ti kàn án, ó máa ń fà bí ewédú, pàápàá èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn, tó ká jọ ní ìpele kan ṣoṣo, òun ló sì pọ̀ jù lọ́jà. Ìyẹ̀fun atalẹ̀ náà ní tirẹ̀, nǹkan funfun inú rẹ̀ ló ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ife.

Ohun tó fa ìkorò yàtọ̀. Àkókò tí èròjà fẹ́ nínú omi gbígbóná kì í ṣe àkókò tí kọfí fẹ́. Atalẹ̀ àti èèpo sínámọ́nì ń fẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná kí wọ́n tó tú adùn sílẹ̀. Tí o bá se kọfí tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó korò nínú rẹ̀ ló máa jáde. Nítorí náà, má sè wọ́n pọ̀. Se èròjà nínú omi ṣáájú, sẹ́ ẹ kúrò, kí o wá fi omi náà po kọfí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń da omi ọ̀rá kan sínú ìkòkò kékeré (o ṣì rántí pé 50cl ni), mo á fi bí ìdajì ife kún un nítorí èyí tí iná máa fà. Atalẹ̀ tútù tó tó àtàǹpàkò, mo á gé e pẹlẹbẹ, mi ò ní rin ín. Èèpo sínámọ́nì tó gùn tó ìka kan, odidi. Mo á dé e, kó máa hó lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo tó ju kànáfùrù sí i, odidi méjì péré. Òun ló le jù nínú wọn. Tó bá pẹ́ nínú omi tàbí tó pọ̀, ahọ́n á kú, kọfí á sì máa rùn bí oògùn eyín.

Lẹ́yìn tí mo bá sẹ́ ẹ tán, mo máa ń tọ́ omi náà wò kí kọfí tó dé ibẹ̀. Èyí ni kí o má fò. Ó yẹ kó ta díẹ̀ lọ́fun, kó sì ní adùn lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti korò báyìí, tàbí ahọ́n rẹ kú, kànáfùrù ni, din ín kù lọ́jọ́ mìíràn. Tí omi bá dùn ṣùgbọ́n tí ife korò nígbẹ̀yìn, kọfí lo pò pẹ́ jù tàbí o lọ̀ ọ́ kúnná jù.

Omi náà kò gbọdọ̀ máa hó mọ́ nígbà tí o bá dà á lé kọfí. Gírámù 30, bíi ṣíbí ìjẹun márùn-ún sí mẹ́fà, ló tó omi yẹn, kí o lọ̀ ọ́ kó má kúnná jù. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, sẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ kọfí inú agolo tó ń yòrò ni, kàn po ó mọ́ omi náà, ó tán.

Wàrà tí o ní ó dì lójú rẹ nígbà tí o fi atalẹ̀ tútù dán an wò, atalẹ̀ náà ló fà á. Ohun kan wà nínú atalẹ̀ tí kò tíì jiná tó máa ń mú wàrà dì, ooru ló ń pa á. Tí o bá ti se é bí mo ṣe wí, da wàrà rẹ sí i láìbẹ̀rù.

Tí o bá rí èèrù, èyí tí à ń fi se àgbo fún ìyálọ́mọ, rà á. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà máa ń fi í sí kọfí wọn tí wọ́n ń pè ní kọfí Túbà. Ó ń ta, òórùn rẹ̀ sì dára ju ti kànáfùrù lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ti tó ìkòkò yẹn.

Kànáfùrù tí o rà lọ́hùn-ún ńkọ́? Fi èékánná tẹ orí rẹ̀. Tí òróró díẹ̀ bá yọ, ó dára. Tí kò bá yọ, ó ti gbó, kọ̀wé sí mi kí n ra tuntun ní ọjà Àgbálátà, ìyá Tọ́pẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Rónkẹ́