Ẹ tún máàkì ọ̀kọ̀ jíjù wò
Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tábìlì máàkì ìdíje eré ìdárayá alápá méje àwọn obìnrin, ìyẹn heptathlon, ń dùn mí. Ẹni tó fo 1.80 mítà sókè gba 978. Bó bá fo 1.83, ó di 1016. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré fún un ní 38. Ẹni tó ju ọ̀kọ̀ dé 50 mítà gba 860. Kó tó rí 39 kún un, àfi kó jù ú dé 52.

Lóòótọ́, sẹ̀ǹtímítà kan nínú fífò le ju ti ọ̀kọ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n agbára tí ìṣírò máàkì ń gbé ìwọ̀n sí, bíi 2 tó wà lórí 5², jẹ́ 1.348 fún fífò, ti ọ̀kọ̀ jẹ́ 1.04 péré. Bí afòsókè ṣe ń ga sí i ni sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ ń níye lórí sí i. Ti ajùkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Kí wọ́n gbé 1.04 yẹn sókè.

Òǹkàwé yín