Sáà gómìnà ò bàjẹ́ o, ọmọ mi

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Gbogbo wa wà n'Ìkọ̀lé ńbí, òjò ń rọ̀, a dúpẹ́. Bọ̀ọ̀dá ẹ ló fẹjọ́ ẹ sùn mí, ó ní àtìgbà tó o ti ń kọ́ Lárúbáwá n'Ílọrin lo ti ń bá gbogbo ayé jà lórí fóònù, pé kí wọ́n má sọ "sáà gómìnà" mọ́ torí wákàtí kan péré ni sáà. Ẹ̀rín pa mí o.

Lóòótọ́, o ò parọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ tí sáà ti wá, wákàtí tàbí aago ló ń jẹ́, èyí tí wákàtí sì ti wá, àkókò lásán ni, kò ní ìwọ̀n kankan. Àwa gba méjèèjì, a wá yí wọn po. Wákàtí di ọgọ́ta ìṣẹ́jú géérégé, sáà wá ń nà bó ṣe wù ú, sáà òjò, sáà ilé ìwé tó jẹ́ mẹ́ta lọ́dún, sáà gómìnà tó jẹ́ ọdún 4. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó yá wọn ló yí wọn o, àwọn elédè Swahili náà gba méjèèjì, wákàtí ni sáà ṣì ń jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, àkókò lásán sì ni wákàtí ń jẹ́.

Wo pépà tó o bá ilé kéú yẹn kọ báyìí, èyí tó o fi han bọ̀ọ̀dá ẹ. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdánwò máa gba "sáà méjì". Ìyá ọmọ wo ló máa ka ìyẹn tí kò ní rò pé tẹ́ẹ̀mù méjì ni ọmọ òun máa fi jókòó ṣe ìdánwò? Ohun tí mo fẹ́ kó o máa wò nìyí: tí wọ́n bá ní wákàtí méjì, aago ni wàá wò, ó parí, àmọ́ tí wọ́n bá ní sáà méjì, o gbọ́dọ̀ bèèrè pé sáà kí ni, sáà ta ni. Ìdáhùn ìyẹn ò sí nínú ìwé Lárúbáwá ẹ, ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ ló wà.

Tèèbó náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí náírà dé lọ́dún 1973, náírà méjì ni wọ́n fi rọ́pò pọ́n-ùn kan, àwọn àgbàlagbà kan ò sì fi pọ́n-ùn sílẹ̀, náírà mẹ́wàá ni pọ́n-ùn márùn-ún lẹ́nu wọn. Má lọ fi pọ́n-ùn Lọ́ńdọ̀nù ṣírò owó fún irú wọn lọ́jà o, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Jọ̀ọ́, tún pépà yẹn kọ kí wọ́n tó pín in, "wákàtí méjì" ni kó o kọ. Kó o sì pe bọ̀ọ̀dá ẹ, inú ṣì ń bí i.

Èmi ni, bàbá ẹ.