Sí ẹ̀yin ọmọ mi tí ara yín kì í béèrè lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí, àwa àgbà kì í fẹ́ dá a sọ, tá a bá tiẹ̀ sọ ọ́ a ó kàn ní "ẹ ṣáà máa ní sùúrù" a ó sì dìde. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó tú ilé tèmi, mi ò sì fẹ́ kó tú tiyín, torí náà mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn ni, tí ìbálòpọ̀ ń wu ọ̀kan ṣáá, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wu ìkejì.

Ọmọ wa kejì ò ju oṣù mẹ́rin lọ nígbà yẹn, mò ń fún un lọ́yàn tọ̀sán tòru. Tí bàbá wọn bá na ọwọ́ sí mi lálẹ́, ara mi á le gbagidi. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, kò kàn wù mí ni, tá a bá sì ṣe é ó máa ń dùn mí, ìyẹn ni pé ó máa ń ro mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó rẹ̀ mí. Ìgbà tó yá mo rí i pé tó bá fẹnu kò mí lẹ́nu, ibẹ̀ náà ló ń já sí, ni mo bá ń yí ẹnu kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò jókòó tì í mọ́, mo sì máa ń wá iṣẹ́ ṣe títí yóò fi sùn kí n tó wọ yàrá. Òun náà wá rí i pé ọwọ́ òun lásán ni mò ń sá fún, ọkàn ẹ̀ sọ fún un pé mi ò fẹ́ òun mọ́, ó wá ń béèrè lemọ́lemọ́ torí pé bíbéèrè yẹn ló fi ń wò ó bóyá mo ṣì jẹ́ tiẹ̀. Bó ṣe ń béèrè ni mò ń sá, bí mo ṣe ń sá ló ń béèrè. Èmi ń pè é ní oníwọ̀ra nínú ọkàn mi, òun ń pè mí ní ọ̀dájú. Ebi ìfọwọ́kàn ń pa àwa méjèèjì nínú ilé kan náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Ó ní tí obìnrin bá ń fọ́mọ lọ́yàn, họ́mónù tó ń mú wàrà wá, purolákítìn, máa ń lọ sókè, ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin, á sì wálẹ̀, ojú ara á gbẹ, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ á relé. Jẹ́ẹ̀lì olómi tí wọ́n ṣe fún ìbálòpọ̀ á bá gbígbẹ yẹn wí, nípa tèmi ó bá a wí lóòótọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó jẹ̀bi láàárín àwa méjèèjì.

Kì í ṣe fífọ́mọ lọ́yàn nìkan ló ń fà á, kì í sì í ṣe obìnrin nìkan ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kì í wù, tí wọ́n sì ń bò ó mọ́lẹ̀ torí ìtìjú. Àwọn oògùn ìbànújẹ́ ọkàn kan wà tó máa ń dín ìfẹ́ náà kù, ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, họ́mónù ọkùnrin, tẹsitósítẹ́rọ́ọ̀nù, tó wálẹ̀ lè fà á, àìrí oorun sùn náà lè fà á. Tó bá jẹ́ pé òjijì ló lọ, tàbí ó lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, tàbí ó ń ro yín, ẹ lọ rí dọ́kítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, wọ́n lè bá yín pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun mìíràn tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ nìyí. Ìfẹ́ ara àwọn kan máa ń wá bí òùngbẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Tàwọn míì, ó dìgbà tí wọ́n bá ti wà nínú ìfọwọ́kàn tó tù wọ́n lára kó tó jí. Dọ́kítà Rosemary Basson ní Kánádà kọ̀wé nípa ìyẹn ní nǹkan bí ọdún 2000. Èmi nínú àwọn ìkejì yìí ni mo wà, bàbá wọn nínú ti àkọ́kọ́, kò sì sí èyí tó sàn jù nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìyẹn ò sọ pé kí ẹnì kan máa fipá bẹ̀rẹ̀ kó wá máa retí pé á jí bó bá yá. Ìfẹ́ irú tèmi kì í jí níbi tí ẹ̀rù bá wà, ńṣe ni ẹ̀rù máa ń tẹ bíréèkì fún un. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ iná tí bíréèkì ṣì wà nílẹ̀, mọ́tò ò ní lọ.

Bíréèkì tiwa ni pé gbogbo ọwọ́ tó bá kàn mí ló ń béèrè nǹkan. Ọ̀nà tá a fi tú u, Masters àti Johnson, àwọn olùwádìí nípa ìbálòpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1970. A ní kò gbọ́dọ̀ sí ìbálòpọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà tọ́mọ bá ti sùn, ọ̀kan á dùbúlẹ̀, ìkejì á fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 15, a ó wá pààrọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ọmú àti ojú ara ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ìkejì ò gbìyànjú láti ru ú sókè, ó kàn ń fọwọ́ wo bí awọ ara ṣe rí, ibi tó gbóná, ibi tó rọ̀. Ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ kàn ò ní iṣẹ́ kankan, àfi kó sọ̀rọ̀ tí nǹkan kan ò bá bá a lára mu.

Ó fẹ́ bàjẹ́ ní alẹ́ kẹta. Ara bàbá wọn dìde, ó ní ṣebí ó ti ń wu àwa méjèèjì báyìí, lóòótọ́ sì ni ó ti ń wù mí díẹ̀. A ò ṣe é. Tá a bá ṣe é ni, ọwọ́ ẹ̀ tún ti di ìbéèrè nìyẹn, ara mi á sì ti mọ̀ pé irọ́ ni òfin náà. Nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá ló gba ẹ̀yìn mi kọjá tí mò ń fọ abọ́, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ara mi ò sì le. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́, ẹnu yà mí.

Lẹ́yìn ìyẹn a wá ṣe àdéhùn nípa "rárá". Ẹni tí kò bá wù á tètè sọ ọ́, á sì sọ ohun tó ṣì lè ṣe: "Kò wù mí lálẹ́ yìí, àmọ́ sún mọ́ mi." Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún ò ní kọ ojú sí ògiri, kò sì ní yan odì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó kọ̀ yẹn náà ló máa kọ́kọ́ pe ìkejì nígbà mìíràn, kó má di pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọrọ lójoojúmọ́. Àwa ò jẹ́ kí n fi ara jìn nítorí àánú tàbí kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, torí mo ti ṣe ìyẹn rí, ó sì ń kọ́ ara mi láti kórìíra yàrá.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé a wá dọ́gba. Ó ṣì ń wù ú ju mi lọ títí dòní, àwọn alẹ́ kan wà tó ń dùn ún, ó máa ń sọ fún mi pé ó dun òun, èmi náà máa ń gbọ́ ọ láìgbèjà ara mi. A wá fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tá a máa ń dùbúlẹ̀ pọ̀ láìsí fóònù, bóyá á já sí ìbálòpọ̀ bóyá kò ní já síbẹ̀. Tí èmi bá ti rí ọjọ́ yẹn lọ́kàn mi láti àárọ̀, mo máa ń ti wà lọ́nà kí ilẹ̀ tó ṣú.