Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Kétu: jẹ́ kí fóònù sùn ní yàrá Ìyá Àgbà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Bébà tí o fi rán awakọ̀ sí mi ní Àjàṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ṣeun tí o fara balẹ̀ kọ ọ́ bí mo ṣe ní kí o kọ ọ́. Láti aago 8 sí aago 10 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí o fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ti lọ sórí fóònù lo fa ìlà kan, o kọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, o sì ya ìràwọ̀ sí èyí tó gbé ọ dé ibòmíràn kó o tó gbé fóònù sílẹ̀. Ìlà 16 ni mo kà. Mẹ́fà jẹ́ ti aago tí o fẹ́ wò, mẹ́rin ti kalikulétà, mẹ́rin ti fọ́tò iṣẹ́ máàtì tí ẹ gbé sórí Wasáàpù kíláàsì yín. Ọ̀kan jẹ́ ti iná tó lọ, tí o fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ríran. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ni o fi kí ọ̀rẹ́ rẹ. Ìràwọ̀ sì jẹ́ 9.

O sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni ọ́, pé o ò lè kó ara rẹ ní ìjánu. Bébà tí o fọwọ́ ara rẹ kọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìgbà 16, ẹ̀ẹ̀kan péré lo dìídì lọ ṣe fàájì. Iṣẹ́ ló gbé ọwọ́ rẹ débẹ̀ nígbà 15. Àmọ́ bí o bá tẹ fóònù kó o lè wo aago, orúkọ ẹni tó kọ̀wé sí ọ ti wà lábẹ́ aago yẹn gan-an, o ò sì lè wo ọ̀kan kí o má rí èkejì. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ ti ń wá. Bó o bá pinnu títí ilẹ̀ fi mọ́, o ṣì máa fẹ́ mọ iye tí aago lù, o ṣì máa fẹ́ ṣèṣirò, ọwọ́ rẹ á sì tún lọ.

Nítorí náà, má tíì gbé fóònù kúrò lórí tábìlì lálẹ́ òní. Kọ́kọ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe nìyẹn: wọ́n á gbé fóònù lọ fi pamọ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á nílò kalikulétà, wọ́n á lọ gbé e wá pẹ̀lú ìdí tó mọ́gbọ́n dání, kò sì ní padà sẹ́yìn mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbé aago tábìlì síwájú rẹ, kí o yí ojú rẹ̀ síbi tí o ti lè rí i láìyíjú. Gbé kalikulétà gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Wọn ò ní jẹ́ kí o gbé fóònù wọ yàrá ìdánwò Bákì, ó sì dára kí ìka rẹ ti mọ bọ́tìnnì ti gidi ṣáájú ọjọ́ náà. Gbé fìtílà tó ń gba oòrùn sára síta láàárọ̀, kí iná tó bá lọ má baà bá ọ lójijì.

Ti fọ́tò iṣẹ́ ló ṣòro jù, torí inú Wasáàpù ni wọ́n wà ní tòótọ́. Ní aago 7, kó o tó jókòó, ṣí i lẹ́ẹ̀kan, kí o da gbogbo ìbéèrè alẹ́ yẹn kọ sínú ìwé. Èyí tó bá gùn jù, mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tókọ́pì lọ́sàn-án. Bí nǹkan kan bá sì rú ọ lójú láàárín iṣẹ́, tó o rò pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kékeré kan, kí o máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí fóònù bá ti padà sọ́wọ́ rẹ, ni wàá wá gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wàá rí i pé o ti yanjú àwọn kan fúnra rẹ kí àkókò yẹn tó dé.

Lẹ́yìn èyí ni fóònù á wá lọ, kò sì ní lọ sínú àpò ìwé rẹ. Ní 2017, Adrian Ward ti yunifásítì Texas ní Austin ní Amẹ́ríkà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní iṣẹ́ tó gba ìrònú. Wọ́n ní kí àwọn kan gbé fóònù wọn sórí tábìlì, kí àwọn kan fi í sápò tàbí báàgì, kí àwọn yòókù fi í sílẹ̀ ní yàrá míì. Fóònù kankan ò dún. Síbẹ̀, àwọn tí tiwọn wà ní yàrá míì ṣe dáadáa ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àwọn ò tilẹ̀ ronú nípa fóònù. Àwọn míì tún un ṣe lẹ́yìn náà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló rí ohun kan náà, nítorí náà mi ò ní fi búra fún ọ. Ohun tí mo gbójú lé rọrùn ju ìyẹn lọ: fóònù tí ọwọ́ lè tó, ọwọ́ máa ń gbé e kí ọkàn tó mọ̀. Bó bá di pé o gbọ́dọ̀ dìde, wàá ní àyè láti bi ara rẹ léèrè ohun tí o fẹ́ fi ṣe.

Yàrá Ìyá Àgbà ni mo rí pé ó dára jù. Pálọ̀ ò dára, torí ibẹ̀ lo máa ń gbà lọ mu omi. Ìyá Àgbà máa ń tètè sùn, ìwọ náà ò sì ní kanlẹ̀kùn jí wọn nítorí Wasáàpù. Bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, kí o so fóònù mọ́ iná níbẹ̀ kó máa gbaná. Lo aago tábìlì láti jí láàárọ̀, kí ó má bàa jẹ́ ìdí láti lọ gbé fóònù sùn. Pe Màámá ní Kùtọnu kí o tó gbé e lọ, kí o sì sọ fún wọn pé bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà lẹ́yìn aago 8, nọ́ńbà Ìyá Àgbà ni kí wọ́n pè.

Àwọn alẹ́ àkọ́kọ́ á ṣe ọ́ bákan. Ọwọ́ rẹ á máa wá a níbi tí kò sí. Máa fa ìlà bí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá wá a tàbí tí o bá dìde. Bí ìlà bá pọ̀ sí ohun kan, ohun tí a ò tíì fi nǹkan rọ́pò nìyẹn, jẹ́ kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ọ́ ṣáá kìkì nígbà tó o bá kan ìṣirò kan báyìí, fóònù kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú mọ́. Ìṣirò yẹn ni kò yé ọ, kò sì sí ibi tí a gbé fóònù sí tó lè tún un ṣe. Sàmì sí i, kí o mú un tọ olùkọ́ lọ lọ́jọ́ kejì.

Mo ti ra aago àti fìtílà. Awakọ̀ tó ń gba Pọ́bẹ̀ á gbé wọn dé gáréèjì Kétu lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lọ gbà á kó o tó lọ sọ́jà. Kalikulétà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, mo ti bá a sọ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Bó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fi bébà tuntun rán awakọ̀ náà sí mi, pẹ̀lú àwọn ìṣirò tí o sàmì sí.

Bá mi kí Ìyá Àgbà, mo kúnlẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Àjàṣẹ́