Sí Àdùkẹ́, lórí ìwé fróti rẹ

Kétu

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹkún rẹ lórí fóònù lálẹ́ àná ò jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí mo fi mú bíìkì.

O ní wọ́n kọ LSIL sínú ìwé fróti rẹ, o sì ti ń pín aṣọ rẹ fún àwọn ọmọ. Èmi náà gba irú ìwé yẹn ní ọdún kẹta sẹ́yìn. Wọn ò kọ jẹjẹrẹ síbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé nínú ohun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá lẹ́nu ilé ọmọ rẹ, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tí ìrísí wọn ti yí díẹ̀, kòkòrò papilóma ló sì sábà máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń kó kòkòrò yìí nípa ìbálòpọ̀, ara ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ, pàápàá oríṣi 16 àti 18, ni ká bẹ̀rù. Ìyẹn náà sábà máa ń gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ.

O tún ní o fẹ́ bi ọkọ rẹ léèrè ibi tó ti gbé e wá. Dákun, pa ẹnu mọ́. Kòkòrò náà lè fara pa mọ́ sí ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí dókítà tó lè wo ìwé yẹn kó sọ ìgbà tó wọlé. Ó lè ti wà lára ìwọ tàbí òun kí ẹ tó mọra. Èmi ò dákẹ́ nígbà tèmi: oṣù kan gbáko ni Bàbá Kẹ́hìndé ò fi jẹ ọbẹ̀ mi.

Àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ní kó o wá ṣe, lọ o. Èmi wọ mọ́tò gba Pobẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Awò ńlá kan ni wọ́n fi wò mí láti ìta, kò wọnú rárá. Wọ́n fi òwú tó rin fún omi kíkan bíi fínígà pa ibẹ̀. Ó ta mí díẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ojú kan níbẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Wọ́n wá fi ayódì kùn ún: ibi tó dára di àwọ̀ kọfí, ojú funfun yẹn ò gbà á, ó rí bí ìyeyè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti já ẹran bíńtín bí hóró ìrẹsì. Ẹran yẹn ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó, fróti ò lè sọ ọ́.

Tèmi jẹ́ CIN 1: bí a bá pín awọ ẹnu ilé ọmọ sọ́nà mẹ́ta, ìsàlẹ̀ nìkan ló yí. Wọn ò gé nǹkan kan, wọn ò fún mi lóògùn, torí kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù méjìlá. Nígbà tí mo padà, wọn ò rí i mọ́. Ká ní CIN 3 ni, èyí tó ti yí láti ìsàlẹ̀ dókè, wọn ì bá ti fi iná jó ojú ibẹ̀ tàbí kí wọ́n gé e kúrò; irú ìyẹn ò ṣeé fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó o bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá sùn pọ̀, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹ. Lọ lọ́jọ́ kejì.

Kọ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí mi, màá pè ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí mo mọ orun rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Kẹ́hìndé