Ẹ̀yin sẹ́kítìrì, ẹ bá wa wo òṣùpá kí ẹ tó pe mítìn

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn sẹ́kítìrì ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, àwọn tó ń kọ ọ́ sórí wásáàpù pé "mítìn wá ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ẹni tó bá pẹ́ á san fáìnì", tí wọ́n á sì pa fóònù tì. Ọ̀nà Ọba-Ilé l'Akúrẹ́ níbí ni mò ń gbé, lanlọ́ọ̀dù ni mí, Mùsùlùmí sì ni mí. Àdúgbò wa kún fún Mùsùlùmí, ọmọ Àgùdà, àwọn Sẹ́fẹ́ńtì-Déè tó ń pa Sábáàtì mọ́, àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ò gbẹ́yìn. Gbogbo wa la jọ ń san owó sẹ́kúríítì, gbogbo wa ló sì yẹ ká lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó náà.

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan wá. Ní 2025, sẹ́kítìrì ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù wa kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Máàṣì pé mítìn gbogbogbòò lórí owó tiransifọ́mà máa wáyé ní Sọ́ńdè 30 Máàṣì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mọ́ńdè 31 ni kàlẹ́ńdà tó wà lógiri rẹ̀ kùn ní pupa fún Ìtúnu Ààwẹ̀, ó wá ní Sọ́ńdè ò kan ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ṣùgbọ́n Sátidé 1 Máàṣì la bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Oṣù tiwa kì í kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì lè jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, nítorí náà ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé Sọ́ńdè 30 tàbí Mọ́ńdè 31 ni ọdún máa jẹ́, kò lè jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Alẹ́ Sátidé 29 ni wọ́n wo òṣùpá, wọ́n rí i, Súlútáànù Sókótó kéde, ó di Sọ́ńdè. Họ́lídè tí ìjọba fún wa, Mọ́ńdè àti Túsìdeè ni. Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ họ́lídè kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọjọ́ ọdún, pàápàá tí ọdún bá bọ́ sí Sọ́ńdè. Ká tó ti Yìídì dé, ká tó gbàlejò, ká tó gbé oúnjẹ fún aládùúgbò, ta ló fẹ́ wá jókòó sí mítìn ní aago mẹ́rin? Àwọn tó wá dìbò, wọ́n fi iye owó lé gbogbo ilé lórí, ìyókù wa sì ní a ò sí ńbẹ̀ a ò ní san. Ọ̀rọ̀ di ariwo lórí wásáàpù, àwọn kan tiẹ̀ ń bú ẹ̀sìn ara wọn, lórí tiransifọ́mà o!

Tó bá jẹ́ inú ààwẹ̀ gan-an ni, aago ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. L'Akúrẹ́ níbí, oòrùn máa ń wọ̀ nínú oṣù Máàṣì ní bíi aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá fi mítìn sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ ní wákàtí kan ni, gbogbo wa la mọ mítìn lanlọ́ọ̀dù, aago méje á bá wa lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ẹni tó gbààwẹ̀ á ti máa wo ẹnu ọ̀nà torí ó fẹ́ ṣínu, á kírun Màgáríbì, lẹ́yìn ìyẹn tàráwíì tún ń dúró dè é, torí náà aago mẹ́jọ alẹ́ pàápàá kò dáa. Aago mẹ́rin sí aago márùn-ún ààbọ̀ ló ṣeé lò, kẹ́ ẹ sì kọ aago tó máa parí sínú mẹ́sẹ́ejì, kẹ́ ẹ dúró tì í.

Àwọn kan á ní ẹ jẹ́ ká fi sí Sátidé láàárọ̀. Ó dáa fún èmi, ṣùgbọ́n àwọn Sẹ́fẹ́ńtì-Déè ò ní wá, Sábáàtì wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Fúráìdè títí di ìgbà tó bá tún wọ̀ ní Sátidé. Sọ́ńdè láàárọ̀ ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ò mọ̀ ni pé àwa náà ń lọ Asalátù ní àárọ̀ Sọ́ńdè, a ò kàn jókòó sílé. Fúráìdè láàárín aago kan sí méjì, Jímọ̀ ni. Tó bá tún jẹ́ Fúráìdè inú Lẹ́ntì, àwọn ọmọ Àgùdà máa ń ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú nírọ̀lẹ́, wọn kì í sì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, ẹ ò wá ní gbé míìtì-páì kalẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ máa bínú pé wọn ò jẹ ẹ́. Bí mo ṣe rí i, Sọ́ńdè aago mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo wa lára mu.

Kò sì yẹ kẹ́ ẹ rò pé ààwẹ̀ Ràmàdáànì nìkan ló wà. Ní 2025 yẹn, Lẹ́ntì bẹ̀rẹ̀ ní 5 Máàṣì, Ọdún Àjíǹde jẹ́ 20 Épírì. Ràmàdáànì máa ń fi bíi ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ṣáájú ti ọdún tó kọjá, nítorí náà ẹ má da mẹ́sẹ́ejì ọdún tó kọjá kọ. Tilé wa náà wà ńbẹ̀: tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Aheregbe l'Akúrẹ́, tí kábíyèsí ní kí wọ́n ti ọjà, ẹ má pe àwọn ìyálọ́jà sí mítìn lọ́jọ́ náà bíi ẹni pé àyè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe náà, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti fi ṣe họ́lídè, kàlẹ́ńdà tẹ́ ẹ rà lọ́jà lè má kọ ọ́ rárá.

Ó wá ku bí ẹ ṣe ń kọ mẹ́sẹ́ejì. Mi ò fẹ́ràn "a ti sún mítìn síwájú nítorí àwọn Mùsùlùmí wa". Ẹni tó ń bínú tẹ́lẹ̀ á ní ẹ wò wọ́n, àwa tí wọ́n dárúkọ náà ojú á máa tì wá. Ẹ kàn kọ báyìí:

"Ẹ̀yin alàgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mítìn lórí owó tiransifọ́mà: Sọ́ńdè 6 Épírì tàbí Sọ́ńdè 27 Épírì, aago 4 sí 5:30 ìrọ̀lẹ́. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ ọ́ sí inbox mi títí di Wẹ́sìdeè, ẹ ò ní láti sọ ìdí. Kò sí ìdìbò kankan tí a máa ṣe títí tí a ó fi mú ọjọ́."

Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì yẹn dáadáa. Ìkẹfà, ọdún Ìtúnu ti kọjá, ó sì ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó dé. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, Àjíǹde ti lọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ tiwa ni, a ò ní dìbò lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan ṣoṣo. Inbox ni mo ní kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí o, ẹ má ṣe pólù nínú gúrúùpù, torí tí èèyàn ogójì bá tẹ "Sátidé", tí Sẹ́fẹ́ńtì-Déè mẹ́ta tẹ "rárá", wọ́n ti fojú hàn nìyẹn, àwọn tó pọ̀ á sì ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Èmi ni tiyín,
Lanlọ́ọ̀dù kan, ọ̀nà Ọba-Ilé, Akúrẹ́